Bí a ṣe ń pín háṣítáàgì sórí fídíò kúkúrú ìjọ: ti gbogbo ayé, ti ẹ̀yà ìjọ àti ti èdè

Nígbà tí ìkànnì ìjọ kan bá gbé fídíò kúkúrú sórí YouTube, iṣẹ́ méjì ni háṣítáàgì tí wọ́n kọ sí i ń ṣe. Èkíní ni pé ó jẹ́ ojú ọ̀nà: ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò dé ojú ewé kan tí àwọn fídíò tó ní háṣítáàgì kan náà kóra jọ sí. Èkejì ni pé ó wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń kà, pẹ̀lú àkọlé àti àpèjúwe, láti fi mọ ohun tí fídíò náà dá lé lórí. Síbẹ̀, kì í ṣe òun gan-an ló ń kó èrò wá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo fídíò kúkúrú kò wá a rárá. Inú ọ̀wọ́ fídíò tó ń tẹ̀ lé ara wọn, èyí tí YouTube ń pè ní Shorts feed, ni wọ́n ti bá a pàdé, ohun tó sì ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni bóyá ènìyàn dúró wò ó tàbí ó fi ìka gbá a kọjá. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹni tó ń yan háṣítáàgì máa bi ara rẹ̀ pé èwo ni èrò pọ̀ sí jù. Ìbéèrè tó yẹ ni pé èwo ló sọ ẹni tí fídíò yìí wà fún láìsí àní-àní.

Háṣítáàgì tó gbòòrò, irú bí #jesus, #christian tàbí #bible, kò sọ ju pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Kristẹni ni. Àìmọye fídíò ló wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ní oríṣiríṣi èdè, nítorí náà fídíò tuntun láti ìkànnì kékeré kò ní pẹ́ sọnù sí abẹ́ òkìtì. Ewu kan tún wà tí kò hàn sójú. Bí fídíò tí a fi Yorùbá wàásù rẹ̀ bá dé iwájú àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọn yóò fi gbá a kọjá, gbígbá kọjá yẹn náà sì ni ẹ̀rọ yóò kọ sílẹ̀ nípa fídíò náà. Ẹyọ kan péré ló tó nínú irú háṣítáàgì yìí. Àsìkò tó máa ń wúlò jù ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá bá kàlẹ́ńdà mu, bí #easter ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, nígbà tí àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́ ara wọn wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá ti kọjá, kò sí ohun tó kù níbẹ̀ mọ́.

Háṣítáàgì ẹ̀yà ìjọ dà bí ẹni pé òun ló rọrùn jù láti yàn, torí orúkọ ìjọ wà lára pátákó tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìgékúrú, lẹ́tà mẹ́ta lè jẹ́ ti ẹgbẹ́ márùn-ún. Ìjọ Adventist ọlọ́jọ́ keje ń lo #sda. Ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, lẹ́tà mẹ́ta yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún ètò ilé gbígbé àwọn tó ní àbùkù ara tó lágbára. Ẹni tó ń wá irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní dúró gbọ́ ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Orúkọ tí a kọ tán láìgé, bí #adventist, ló dára jù bó tilẹ̀ gùn. Bákan náà, orúkọ ẹ̀yà ìjọ lè gbé ìjà tí kì í ṣe ti ìjọ náà wọlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni Global Methodist Church dá dúró lẹ́yìn àríyànjiyàn ọlọ́dún gbọọrọ nínú United Methodist Church. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá kọ #umc sí ìwàásù rẹ̀ lè bá a láàárín ọ̀rọ̀ ìpínyà àti ilé ìjọ tí wọ́n ń du, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìdáríjì ló wàásù.

Òṣùwọ̀n tó dára fún háṣítáàgì yìí ni láti wo bóyá ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹ̀yà ìjọ náà lè gba fídíò ọ̀hún gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀. Bí fídíò bá ń ṣàlàyé ìlànà ìsìn, orin inú ìwé orin ìjọ tàbí bí wọ́n ṣe ń ṣe ìrìbọmi, orúkọ ẹ̀yà ìjọ ni kó ṣáájú, nítorí àwọn tó ń fẹ́ irú rẹ̀ ló ń wá a. Bó bá jẹ́ ìwàásù lórí ìbínú, ọmọ títọ́ tàbí sùúrù, kí orúkọ ẹ̀yà ìjọ wà níbẹ̀ fún ìdánimọ̀ nìkan, kó má ṣe gba iwájú. Àwọn kan máa ń rí orúkọ ìjọ mìíràn, wọ́n á ti gbá a kọjá kí wọ́n tó gbọ́ gbólóhùn kan.

Ti èdè ló gba ìrònú jù, òun náà ni ọ̀pọ̀ ìkànnì máa ń fọwọ́ kékeré mú. Wọ́n á kọ #yoruba, wọ́n á sì gbà pé ó ti parí. #yoruba fúnra rẹ̀ gbòòrò bíi #christian: sinimá, orin, àwàdà, ẹ̀kọ́ èdè àti ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀ṣe ló wà níbẹ̀. Ohun tó ń dín in kù ni kí a so èdè mọ́ irú nǹkan tí fídíò náà jẹ́, bíi #iwaasuyoruba, tàbí kí a fi èdè náà fúnra rẹ̀ kọ kókó ọ̀rọ̀, bíi #idariji. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní tẹ ìdáríjì sínú àpótí ìwákiri, nítorí náà háṣítáàgì bẹ́ẹ̀ ti sọ èdè àti ọ̀rọ̀ pa pọ̀.

Yíyan ọ̀rọ̀ náà gba ìṣọ́ra. Oníwàásù Kristẹni ń wàásù, àwọn Mùsùlùmí sì ń ṣe wáàsí. Bí ìkànnì ìjọ bá kọ #waasi, àárín àwọn àáfà ni yóò bá ara rẹ̀. #adura wọ́pọ̀ láàárín ẹ̀sìn méjèèjì, nítorí náà kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tó jẹ́ pé bí a bá ti yọ àmì orí wọn, wọn kì í tún ní ìtumọ̀ kan pàtó: #emi lè jẹ́ ẹ̀mí, ó sì lè jẹ́ èmi, ṣùgbọ́n #emimimo kò lè jẹ́ ohun mìíràn.

Ọ̀rọ̀ àmì yìí wá di ìbéèrè pé ṣé kí a kọ #ìwàásù ni àbí #iwaasu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù, nítorí náà ibi tí èrò wà ni ibi tí kò ní àmì. Ìdí tó jinlẹ̀ ju èyí lọ tún wà. Nínú ètò Unicode, tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ e tí a fi àmì ìsàlẹ̀ tirẹ̀ lé e lọ́tọ̀. Ohùn orí ẹ́ ní tirẹ̀ kì í ṣe apá kan lẹ́tà náà, àmì mìíràn tó ń tẹ̀ lé e ni. Pátákó ìtẹ̀wé méjì lè tẹ ọ̀rọ̀ kan náà jáde kí ojú má mọ ìyàtọ̀, kó sì jẹ́ pé okùn lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú ẹ̀rọ. Àwọn ibòmíràn tilẹ̀ lè gé háṣítáàgì síbi tí wọ́n ti bá àmì pàdé. Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n kò le: lẹ́yìn tí a bá gbé fídíò jáde, kí a tẹ háṣítáàgì náà wò. Bí àwọ̀ tó fi hàn pé ó ṣeé tẹ̀ bá dúró láàárín ọ̀rọ̀, tàbí tó jẹ́ pé fídíò ìkànnì ẹni nìkan ló wà lójú ewé tó ṣí, kò so pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Àkọlé àti àpèjúwe ni ààyè àmì. Ẹni tó ń kà á ló nílò rẹ̀ níbẹ̀.

Ká wo ìkànnì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan tó gé ìṣẹ́jú àáyá 50 jáde nínú ìwàásù Yorùbá lórí Mátíù 18:21-22, níbi tí Pétérù ti béèrè iye ìgbà tí yóò dárí ji arákùnrin rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kọ ni #jesus #christian #god #bible #viral #methodist #yoruba. Márùn-ún àkọ́kọ́ kò sọ ohunkóhun tó ya fídíò yìí sọ́tọ̀, #viral kò tilẹ̀ jẹ mọ́ ọn rárá. Èyí tó dára ni:

```
Ìgbà mélòó ni kí n dárí jì í? #iwaasuyoruba

Pétérù béèrè lọ́wọ́ Jésù nínú Mátíù 18:21-22.
#idariji #methodist #christian
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni àkọlé, ìyókù wà nínú àpèjúwe. Lẹ́tà 100 ni àkọlé YouTube kò gbọdọ̀ kọjá, ojú ènìyàn sì ni yóò kọ́kọ́ bà á, nítorí náà ẹyọ háṣítáàgì kan, èyí tó sọ èdè àti irú fídíò náà, ló yẹ níbẹ̀. Kò sí àlàfo nínú #iwaasuyoruba: bí a bá kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni yóò di háṣítáàgì. Ó tún yẹ kí wọ́n yan Yorùbá ní ibi tí YouTube Studio ti ń béèrè èdè fídíò. Ní ti iye, bí háṣítáàgì bá ju 60 lọ lórí fídíò kan, YouTube kò ní ka ọ̀kankan nínú wọn sí. Ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́ tipẹ́ kó tó dé 60, nítorí háṣítáàgì tí kò bá ohun tó wà nínú fídíò mu lè mú kí wọ́n yọ fídíò náà kúrò.

Láti mọ̀ bóyá bí a ṣe pín háṣítáàgì náà ń ṣiṣẹ́, inú YouTube Studio ni a ó wò, lábẹ́ ọ̀nà tí àwọn olùwò gbà rí fídíò. YouTube search ń fi ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ hàn. Bí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá bá ti ń yọjú níbẹ̀, ti èdè ń ṣiṣẹ́. Hashtag pages ń sọ iye àwọn tó gba ojú ewé háṣítáàgì wọlé, iye náà sì máa ń kéré, kò yẹ kó da ọkàn ẹnikẹ́ni rú. Èyí tó yẹ kí a fi ojú sí ni ìdá àwọn tó dúró wò ó nínú Shorts feed. Bó bá lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí a fi háṣítáàgì gbígbòòrò kún un, tí orílẹ̀-èdè àwọn olùwò sì yí padà sí ibi tí a kì í ti í sọ Yorùbá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tí kò gbọ́ èdè náà ni fídíò ń bá. Fídíò kan kò tó láti fi dájọ́. Kí a pín háṣítáàgì lọ́nà kan náà sórí àwọn fídíò bíi mélòó kan tó jọra ní gígùn àti ní irú, kí a wo wọn fún ọjọ́ 28 tí Studio fúnra rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ fi hàn, lẹ́yìn náà kí a yí háṣítáàgì ẹyọ kan ṣoṣo padà lórí ọ̀wọ́ tó kàn. Bí àkọlé àti háṣítáàgì bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó fa ìyàtọ̀.