Ìdá ọgọ́rùn-ún tó wà lára ìgò fítámínì kì í ṣe ààlà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé fítámínì kì í pọ̀ jù lára, pé ìtọ̀ ni yóò gbé àṣẹ́kù jáde. Ẹ jẹ́ ká fi síǹkì, èròjà kan tí wọ́n máa ń kó pọ̀ mọ́ fítámínì, dán ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí ènìyàn lè máa lò ó ní ìlọ́po méjì láìmọ̀.

Ẹ má gbára lé orúkọ gàdàgbà tó wà níwájú ìgò. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo àpótí tí wọ́n to àwọn èròjà sí. Bí fítámínì A, C, D, àwọn B, áyọ́ọ̀nù àti síǹkì bá tẹ̀lé ara wọn lọ rẹrẹẹrẹ, máltífítámínì ni. Bó bá jẹ́ síǹkì nìkan ló wà níbẹ̀, eléròjà kan ni. Àwọn kan wà láàárín: síǹkì ni wọ́n kọ síwájú, ṣùgbọ́n fítámínì C ń bẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ tún wo iye kápúsù tí wọ́n ṣírò ìwọ̀n náà fún. Nígbà mìíràn, méjì ni.

Ká ní ẹnìkan ń lo máltífítámínì láràárọ̀, tí síǹkì inú rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 11, 100%. Ó wá ra kápúsù síǹkì tó jẹ́ 50, tí wọ́n kọ 455% sí. Àpapọ̀ rẹ̀ di 61, a ò tíì ka ti oúnjẹ. Ààlà fún àgbàlagbà lóòjọ́ ní Amẹ́ríkà jẹ́ 40. Ti Yúróòpù jẹ́ 25. Kápúsù ẹyọ kan yẹn nìkan ti kọjá méjèèjì.

Wọn kì í sábà kọ ààlà yìí sára ìgò, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú. Ìwọ̀n tí ènìyàn nílò lóòjọ́ ni ìdá ọgọ́rùn-ún yẹn ń tọ́ka sí. Fítámínì B12 lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdá lára ìgò, síbẹ̀ wọn ò fi ààlà kankan sí i. Ti síǹkì ní Amẹ́ríkà, ìyẹn 40, ti kún ní nǹkan bíi 364%. Nítorí náà, mílígíráàmù ni kí ẹ fi wé ààlà èròjà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìdá sílẹ̀.

Bí síǹkì bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, kì í jẹ́ kí ara gba kọ́pà dáadáa. Ọjọ́ kan kọ́ ló ń ṣe é. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ẹ̀jẹ̀ lè dínkù, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè máa kú tipiri, kí onítọ̀hún má sì fura sí kápúsù rẹ̀ rárá.

Ẹni tó ti ní síǹkì nínú máltífítámínì kò sábà nílò ẹyọ mìíràn. Bó bá jẹ́ dókítà ló ní kó lo èyí tó pọ̀, ó lè ní ìdí, ṣùgbọ́n kó béèrè ọjọ́ tí yóò dá a dúró, kó sì gbé ìgò méjèèjì dání lọ bá a.