Mọ́tò iléeṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́: ibo ni tiṣẹ́ parí sí?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sí i. Iléeṣẹ́ gbà kí n máa gbé mọ́tò wọn relé. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ti ọ̀dọ̀ oníbàárà bọ̀, mo yà lọ mú ọmọ mi níléèwé, bọ́ńpà sì ha ògiri díẹ̀. Wọ́n já ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ fún mi. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fọ́ iná iwájú mọ́tò tiẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ìkìlọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n fún un. Ṣé ojúsàájú kọ́ nìyẹn?

Ó jọ ọ́, àmọ́ mi ò rò pé òun ni. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹnì kejì yín ló ń jẹ́ nígbà tó fọ́ iná. Ẹ̀yin ò sí lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí bọ́ńpà ha ògiri. Nínú òfin mọ́tò iléeṣẹ́, kì í ṣe bí nǹkan ṣe bàjẹ́ tó ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, bí kò ṣe bóyá ẹ ní àṣẹ láti wà níbi tó ti ṣẹlẹ̀.

Àṣẹ náà sì pín sí oríṣi mẹ́ta. Àwọn mọ́tò kan wà tí wọn kì í sùn níta ọgbà iléeṣẹ́, ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n máa ń buwọ́ lùwé kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n gbà kí òṣìṣẹ́ gbé relé, kó sì gbé padà wá síbi iṣẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ ara owó iṣẹ́ ẹni tí wọ́n fún, ìyẹn lè fi tiẹ̀ lọ sí òde ìgbéyàwó. Oríṣi kejì ni tiyín, ibẹ̀ sì ni ìjà pọ̀ sí jù, torí pé mọ́tò tó ń sùn síwájú ilé ẹni kì í pẹ́ dà bí mọ́tò ẹni.

Ẹ jẹ́ ká fojú ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn mọ́tò wo ọ̀rọ̀ yín. Ká ní kìlómítà 12 ló wà láti ọ̀dọ̀ oníbàárà dé ilé yín, tí iléèwé ọmọ sì wà ní kìlómítà méje sí ọ̀nà náà. Lílọ méje, bíbọ̀ méje, ó di 14. Ẹ kọ 48,210 sínú ìwé ìrìnàjò nígbà tẹ́ ẹ kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, mítà ń sọ 48,236. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ rìn, bẹ́ẹ̀ 12 ló yẹ kó jẹ́. Bí ẹ̀rọ tó ń tọpa mọ́tò bá wà nínú ẹ̀, ó ti sọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí àti ìgbà tẹ́ ẹ paná. Ohun tó máa ń bí àwọn ọ̀gá nínú kì í ṣe kìlómítà 14 yẹn, torí epo tó jẹ kò tó nǹkan. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé kò sí nínú ìwé.

Kìlómítà 14 péré! Kí ló wá le tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀?

Ìnṣọ́ránsì ni. Ohun tí wọ́n máa ń fi mọ́tò ṣe máa ń wà nínú ìwé ìnṣọ́ránsì fúnra ẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ àti lílọ-bíbọ̀ láti ilé sí ibi iṣẹ́ nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè sọ pé yíyà síléèwé ò sí lára ohun táwọn gba owó lé lórí. Iléeṣẹ́ yín ló máa fi owó ara ẹ̀ tún mọ́tò ṣe nígbà náà.

Ẹ wá fi ọ̀nà kejì kún un. Bó bá jẹ́ èèyàn lẹ gbá, kì í ṣe ògiri, adájọ́ ò ní fi ìwé ìnṣọ́ránsì wọn ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó máa bi ni pé, ṣé iṣẹ́ ọ̀gá ni awakọ̀ ṣì ń ṣe? Lọ́dún 1834, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ẹjọ́ Joel àti Morison, wọ́n rán ọmọ ọ̀dọ̀ níṣẹ́ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó yà kúrò lọ́nà, ó sì gbá èèyàn. Adájọ́ Parke sọ fáwọn ìgbìmọ̀ tó máa dá ẹjọ́ náà pé bí iṣẹ́ ọ̀gá ló ṣì ń ṣe tó kàn yà díẹ̀, ọ̀gá ló máa sanwó. Bó bá jẹ́ pé ìgbádùn ara ẹ̀ ló bá lọ pátápátá, ọ̀gá ò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ló sì jẹ̀bi lọ́jọ́ náà. Àwọn ilé ẹjọ́ tó tẹ̀ lé òfin Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń bọ̀ sórí ìbéèrè yẹn títí dòní.

Ṣẹ́ ẹ rí wàhálà yẹn? Yíyà díẹ̀ bíi tiyín yẹn lè kéré tó bẹ́ẹ̀ tí adájọ́ fi máa ní iléeṣẹ́ ló jẹ gbèsè, kó sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fi máa ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Àárín méjèèjì yẹn ni òfin náà ń sá fún. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n ti ṣàlàyé ìyẹn fáwọn òṣìṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, dípò kí wọ́n kàn lẹ ìwé mọ́ ara ògiri.

Ìyàwó mi ní láísẹ́nsì. Ṣé ó lè wà á bí ara mi ò bá yá?

Rárá, àyàfi bí orúkọ rẹ̀ bá wà lára àwọn tí wọ́n fún láṣẹ. Láísẹ́nsì nìkan ò tó. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló ṣẹlẹ̀, kò sí ọ̀gá tó lórí pípé tó máa bínú, ṣùgbọ́n kí ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹlòmíì ni mí o. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ irú òfin yìí fún iléeṣẹ́ wa kékeré. Báwo ni kí n ṣe to ìjìyà?

Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé ìnṣọ́ránsì yín kẹ́ ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, torí pé òfin tó bá fúnni ní àyè ju èyí tí ìnṣọ́ránsì fúnni lọ ti kó yín sí gbèsè. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ àwọn tó kàn: òṣìṣẹ́, àwọn tí wọ́n gbà fún ìgbà díẹ̀, àti ọ̀gá fúnra wọn. Ẹ má yọ ọ̀gá sílẹ̀ o. Ẹ dárúkọ mọ́tò kọ̀ọ̀kan àti oríṣi àṣẹ tó wà lórí ẹ̀.

Ní ti ìjìyà, irú ẹ̀ṣẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi tò ó, kì í ṣe iye owó àtúnṣe. Ẹni tó gbàgbé láti kọ ìwé ìrìnàjò, ìkìlọ̀ ẹnu. Ẹni tó gbé mọ́tò lọ síbi tí wọn ò fún un láṣẹ, ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ, kó sì san owó epo ibi tó rìn. Ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tí kò lórúkọ, tàbí tó ń fi mọ́tò kó èrò gbowó, ìwé lọ-rọọ́kún-nílé ló tọ́ sí i. Ẹni tó mutí wà á, tàbí tó fi ìjàǹbá pamọ́, ìwé gbélé-ẹ. Mo ka fífi nǹkan pamọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, torí pé ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè kọ̀ láti san owó tí ì bá san tí ìròyìn bá pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni tó jìyà, ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀ ná.

Kíkó owó kúrò nínú owó oṣù gba ìṣọ́ra. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin òṣìṣẹ́ ò gbà á bí òṣìṣẹ́ ò bá tíì fọwọ́ sí i. Torí náà, ẹ fi sínú ìwé tó máa buwọ́ lù lọ́jọ́ tó bá gba kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́tò mọ́ ọn. Láìsí fọ́tò yẹn, àríyànjiyàn ẹ̀yin méjèèjì lórí ibi tó ti ha tẹ́lẹ̀ kò ní tán.

Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo kọ́kọ́ bi yín ni. Kí ni kí n wá kọ sínú èsì?

Ẹ má dárúkọ ẹnì kejì yín rárá, ẹjọ́ tiẹ̀ ò jọ tiyín. Ẹ kọ ọjọ́ náà, iye tí mítà sọ nígbà tẹ́ ẹ kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà àti iye tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ sì sọ pé iléèwé lẹ yà sí. Ẹ fi fọ́tò bọ́ńpà sí i. Ẹ ní ẹ máa san owó epo kìlómítà tó lé. Kẹ́ ẹ wá béèrè ní kíkọ bóyá wọ́n lè fún yín láṣẹ láti máa gba ọ̀nà iléèwé kọjá lọ́jọ́ iṣẹ́, kí wọ́n sì bá ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì sọ ọ́. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ wá mọ́tò míì tó máa máa mú ọmọ yẹn.