Gémù kan ṣoṣo ló já a: bí tẹ́tẹ́ ṣe ń di ìṣòro, àti ìdánwò tí èèyàn lè ṣe fúnra rẹ̀ ní kọ̀rọ̀

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tó wà ní Ìkòròdú, láti Sábó títí dé Ìta-Ẹlẹ́wà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n ní alẹ́ Sátidé: "Gémù kan ṣoṣo ló já tíkẹ́ẹ̀tì mi." Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í fajúro bí ẹni tí owó rẹ̀ sọnù. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti kan ilẹ̀kùn, tó kù kí wọ́n ṣí i fún un. Inú gbólóhùn yìí ni ìṣòro tẹ́tẹ́ ti sábà máa ń hù, ó sì yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan kó gémù 10 sínú tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dára débi pé bí a bá ta á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀meje ni yóò wọlé. Gémù gidi nìyẹn. Àmọ́ gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló gbọ́dọ̀ wọlé pọ̀. Tí a bá fi 0.7 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ títí yóò fi pé mẹ́wàá, ohun tó máa jáde kò pé 3 nínú 100. Ìyẹn ni pé nínú irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ 100, nǹkan bíi 3 péré ló máa jẹ. Mélòó ni gémù kan ṣoṣo máa já nínú wọn? Nǹkan bíi 12. Ní gbogbo ìgbà tí tíkẹ́ẹ̀tì náà bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, yóò ti "kù díẹ̀" tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kò sí ẹni tó jókòó síbì kan tó ń ṣe é mọ́ onítẹ́tẹ́. Bí ìṣirò ṣe rí nìyẹn.

Ẹni tó bá ń fi ìwọ̀ pẹja ní Ẹbúté mọ̀ pé tí ẹja bá ṣán ìdẹ tó sì sá lọ, ó tọ́ kí òun tún ìwọ̀ náà jù síbẹ̀. Ẹja wà lábẹ́ omi níbẹ̀ lóòótọ́, ebi sì ń pa á. Bí okùn ìwọ̀ ṣe gbọ̀n yẹn jẹ́ ìròyìn. Ohun tí ọpọlọ wa mọ̀ láti ayé àwọn baba wa nìyẹn: bí nǹkan bá ti kù díẹ̀, túbọ̀ tẹra mọ́ ọn. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹja kankan lábẹ́ omi. Gémù mẹ́sàn-án tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí kò sọ ohunkóhun nípa mẹ́wàá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tó ta á ti gbọ̀n bí okùn ìwọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń wá owó tí yóò tún jù sínú omi.

Owó tó tún jù yẹn ni àmì tó ṣe pàtàkì jù lọ. Lílé owó ni ká pè é: kí èèyàn tún padà ta tẹ́tẹ́ torí pé ó fẹ́ gba èyí tó ti lọ padà. Ọ̀pọ̀ gbà pé onítẹ́tẹ́ tó níṣòro ni ẹni tó ti ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tàbí ẹni tó ń fi ọgọ́rùn-ún ọ̀kẹ́ ta á. Èrò yìí burú gan-an, nítorí ó ń jẹ́ kí ẹni tó ń fi owó kékeré ta á máa fọkàn balẹ̀ nígbà tí kò yẹ. Ìyá kan tó ń fi ₦200 ta lọ́tò lójoojúmọ́ láti ọdún mẹ́wàá, tí kò fi ₦300 ta á rí, lè má ní ìṣòro kankan. Ẹni tó fi ₦200 bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, tó pàdánù, tó fi ₦400 lé e, tó tún fi ₦1,000 lé ìyẹn kí ilẹ̀ tó ṣú, ti wà lójú ọ̀nà mìíràn. Iye owó kọ́ ni ká wò. Ohun tí èèyàn ṣe láàárín wákàtí kan lẹ́yìn tó pàdánù ni ká wò.

Ìdí nìyí tí ìdánwò tó dára fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú àkọsílẹ̀, kó tó kan ìbéèrè. Ẹni tó bá jẹ máa ń rántí ọjọ́ náà, aṣọ tó wọ̀ àti ẹni tó ra ọtí fún. Àwọn ₦500 tó lọ kì í ní orúkọ. Torí náà, kí ẹni tó fẹ́ mọ ipò rẹ̀ mú ìwé kan àti bírò, kó jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní yọjú wò ó, kó ṣí àkáǹtì tẹ́tẹ́ rẹ̀ àti ti báǹkì, kó padà sẹ́yìn fún oṣù mẹ́ta. Kó kọ gbogbo owó tó fi síbẹ̀ sí apá kan, kó kọ èyí tó dé báǹkì padà sí apá kejì. Èyí tó jẹ tó sì tún fi ta kí ó tó gbà á jáde kò sí lára èrè. Kò kúrò lórí ayò rí. Owó tó ná ní ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ lọ́wọ́ ńkọ́? Kó fojú bù ú, kó sì fi kún un.

Ká mú awakọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ní Sábó gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó ń jíṣẹ́ owó fún ọlọ́kọ̀ ní alaalẹ́. Bí wọ́n bá bi í, yóò ní òun ti jẹ ₦87,000 lóṣù mẹ́ta, òótọ́ sì ni: ẹ̀ẹ̀mẹrin ni owó wọ báǹkì rẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦87,000. Ṣùgbọ́n apá àkọ́kọ́ ìwé náà fi hàn pé ó fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejìdínlọ́gọ́fà, ₦212,000 lápapọ̀. ₦1,000 ló kù nínú àkáǹtì tẹ́tẹ́. Ohun tó lọ jẹ́ ₦124,000, ó lé ní ₦41,000 lóṣù kan.

Iye yẹn burú, àmọ́ kó máà dúró síbẹ̀. Kó wo aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ọ̀kan. Ní Sátidé kan: ₦1,000 ní aago 1:10 ọ̀sán, ₦1,000 ní 3:40, ₦2,000 ní 5:55, ₦3,000 ní 8:02 alẹ́, ₦5,000 ní 11:48. Owó ń ga bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú. Ní aago 11:48, ìdíje bọ́ọ̀lù tó fi bẹ̀rẹ̀ ti parí. Bọ́ọ̀lù inú kọ̀ǹpútà ló kù, èyí tí ń parí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí òmíràn sì ń bẹ̀rẹ̀. Eré tó yára báyìí léwu ju tíkẹ́ẹ̀tì òpin ọ̀sẹ̀ lọ, nítorí kò fún ẹni tó pàdánù láyè kí ara rẹ̀ balẹ̀ kó tó tún fọwọ́ kàn án. Ibi mìíràn tó yẹ kó wò ni owó tó ti ní kí wọ́n san fún òun, tó sì fagi lé e kó tó dé báǹkì, tó tún fi í ta.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè mẹ́sàn-án ìwọ̀n PGSI, tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìṣòro tẹ́tẹ́, èyí tí wọ́n gbé jáde ní Kánádà lọ́dún 2001. Oṣù 12 tó kọjá ni kí èèyàn fi dáhùn. "Rárá" jẹ́ 0, "nígbà míì" jẹ́ 1, "lọ́pọ̀ ìgbà" jẹ́ 2, "fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ní gbogbo ìgbà" jẹ́ 3. Àkọ́kọ́: ṣé o ti fi owó tó ju èyí tí o lè pàdánù láìní ìnira ta á? Èkejì: ṣé ó ti di dandan kí owó náà pọ̀ sí i kó tó dùn mọ́ ọ bíi ti tẹ́lẹ̀? Ẹ̀kẹta: ṣé o ti padà lọ ní ọjọ́ mìíràn láti gba owó tó lọ padà? Ẹ̀kẹrin: ṣé o ti yá owó tàbí ta nǹkan torí tẹ́tẹ́? Ẹ̀karùn-ún: ṣé ó ti ṣe ọ́ rí bíi pé o níṣòro? Ẹ̀kẹfà: ṣé ó ti ba ìlera rẹ jẹ́, títí kan àníyàn àti àìbalẹ̀ ọkàn? Ẹ̀keje: ṣé àwọn èèyàn ti bá ọ wí nípa rẹ̀, ì báà jẹ́ pé o gbà wọ́n gbọ́ tàbí o kò gbà? Ẹ̀kẹjọ: ṣé ó ti fa ìṣòro owó fún ọ tàbí ilé rẹ? Ẹ̀kẹsàn-án: ṣé ọkàn rẹ ti dá ọ lẹ́bi?

Kó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Òdo túmọ̀ sí pé kò sí ìṣòro, 1 sí 2 jẹ́ ewu kékeré, 3 sí 7 jẹ́ ewu tó ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, 8 sókè sì ni ti ẹni tí tẹ́tẹ́ ti ń darí.

Awakọ̀ wa yìí dáhùn lẹ́ẹ̀kan kó tó ṣí àkáǹtì rẹ̀, ó gba 3: ìkan fún lílé owó, ìkan fún ìyàwó tó ń bá a wí, ìkan fún ẹ̀bi ọkàn. Lẹ́yìn tó rí àkọsílẹ̀, lílé owó di 3, àkọ́kọ́ di 2, èkejì di 1, ẹ̀kẹjọ di 1. Ẹ̀kẹrin ló ṣòro fún un jù. Ó ní òun kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ₦5,000 aago 11:48 jẹ́ owó ọlọ́kọ̀, tó fi iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú dí padà. Ibí yìí ni ìwọ̀n àwọn ará Kánádà náà ti kù díẹ̀ káàtó fún wa: kò mẹ́nu ba owó àjọ, owó ọlọ́kọ̀, tàbí owó ọjà tí wọ́n kó fúnni tà. Ẹni tó bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ti yá owó, àní bó bá dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ó kọ 1 síbẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ di 10.

Ìwọ̀n yìí kì í ṣe ìwé dókítà, ó sì lè tan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ, torí gbèsè kì í tètè yọjú. Ṣùgbọ́n 8 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà pálapàla. Láti 2013 ni ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fi tẹ́tẹ́ sí ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú bárakú ọtí àti oògùn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ń tọ́jú bárakú. Ẹni tí gbèsè tẹ́tẹ́ bá mú kó máa ronú àtigba ẹ̀mí ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró ro máàkì kankan pọ̀; kó sọ fún ẹnì kan lálẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ wọn jù.

Fún àwọn tó kù, ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí àyè wà láàárín ìpàdánù àti owó tó kàn. BetBlocker jẹ́ áàpù ọ̀fẹ́ tó ń ti àwọn ojúlé tẹ́tẹ́ pa lórí fóònù fún iye àkókò tí èèyàn bá yàn. Kò lè ti ṣọ́ọ̀bù òpópónà pa. Èèyàn tún lè kọ̀wé sí ilé tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ pé kí wọ́n ti àkáǹtì òun. Ní ti awakọ̀ náà, kó máa fi owó ọlọ́kọ̀ ránṣẹ́ tààrà láti inú fóònù ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kó má ṣe dúró di òru. Nígbà tí aago 11:48 bá fi máa lù, owó náà kò ní sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.