Ibi Tí Òfin Òdo Lórí Òdo Ti Ṣẹ̀ Wá

Àwòrán kan wà tí àwọn ọmọ ọdún kìíní ní yunifásítì tó wà lọ́nà Alábàtà, l'Abẹ́òkúta, máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Pátákó ni wọ́n yà, ohun tó sì wà lójú rẹ̀ nìyí:

lim (x→1) [√(2x − x⁴) − ∛x] / [1 − ⁴√(x³)]

Ẹ fi 1 sí ipò x: òkè á di 1 − 1, ìsàlẹ̀ náà á di 1 − 1. Òdo lórí òdo. Ẹlòmíì á kọ 0, ẹlòmíì á kọ 1, kò sì sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì.

Ìbéèrè yìí ti lé ní 300 ọdún. Ó wà nínú ìwé tí Guillaume de l'Hôpital, ọ̀tọ̀kùlú ará Faransé, tẹ̀ jáde ní Párísì ní 1696. Álífábẹ́ẹ̀tì a ló lò níbi tí àwa fi 1 sí. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ọgbọ́n inú rẹ̀. Ní 1694 ló bá olùkọ́ rẹ̀, Johann Bernoulli ará Básẹ̀lì ní Switzerland, dá májẹ̀mú pé òun á máa san lífírì 300, owó ilẹ̀ Faransé, fún un lọ́dún, kí ó máa fi àwárí rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun nìkan. Lóṣù keje ọdún yẹn ni Bernoulli kọ òfin náà sínú lẹ́tà. Lẹ́yìn ikú l'Hôpital ní 1704 ló tó pariwo pé tòun ni. Àwọn èèyàn ṣiyèméjì sí i títí wọ́n fi tẹ àwọn lẹ́tà náà jáde ní 1955. Òfin l'Hôpital ni wọ́n ń pè é títí dòní, ṣùgbọ́n lójú tèmi, orúkọ Bernoulli ló yẹ kí òfin náà máa jẹ́.

Ohun tí Bernoulli rí ni pé bí òkè àti ìsàlẹ̀ bá jọ ń sáré lọ sí òdo, ìyára ìkọ̀ọ̀kan wọn ló máa pinnu èsì. Nítorí náà, ẹ difarẹnṣiéètì òkè lọ́tọ̀, ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má lo òfin ìpín rárá. Gbòǹgbò àkọ́kọ́ á fún wa ní (2 − 4x³)/(2√(2x − x⁴)), tó jẹ́ −1 nígbà tí x bá jẹ́ 1. Ti ∛x jẹ́ 1/3, nítorí náà òkè jẹ́ −1 − 1/3, ìyẹn −4/3. Ìsàlẹ̀ jẹ́ −3/4. Ẹ pín in, ẹ ó rí 16/9, tó sún mọ́ 1.78. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi 0.99 sí ipò x lórí kakulétọ̀, 1.73 ló máa gbé jáde, bí ẹ bá sì ṣe ń sún mọ́ 1 sí i ni yóò máa gòkè lọ bá 16/9.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń pàdánù máàkì ni pé wọn kì í kọ́kọ́ fi nọ́ńbà sí i wò. Bí x bá ń lọ sí 1 nínú (x² + 2)/(x + 1), èsì rẹ̀ jẹ́ 3/2 wẹ́rẹ́, torí òkè jẹ́ 3, ìsàlẹ̀ jẹ́ 2. Ẹni tó bá sáré difarẹnṣiéètì á rí 2x/1, á sì kọ 2. Kò sí òdo lórí òdo níbẹ̀, nítorí náà òfin Bernoulli kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe.