Halelúyà àti Sela: èwo ni ká pè síta?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí a ń ka Sáàmù 46 ní ìpàdé ọ̀dọ́, àwọn kan pe "Sela" síta, àwọn kan fò ó. Kí ni Sela? Ṣé bíi Halelúyà náà ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa l'Ádó-Èkìtì, ti àwọn tó fò ó ni mo gbè. Èdè Hébérù ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá, àmọ́ iṣẹ́ wọn ò jọra.

Halelúyà ò le. "Halelu" ni "ẹ yìn", "Yah" sì ni ìgékúrú orúkọ Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni "ẹ" yẹn ń bá wí, kì í ṣe "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Àṣẹ ni: ẹni tó bá ké e ń pe àwọn tó kù wá síbi ìyìn. Òun ló bẹ̀rẹ̀ Sáàmù 146 títí dé 150, òun náà ló parí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá níbẹ̀ fún wa ni ẹ kò ṣe rí i; inú Ìfihàn 19 ni wọ́n ti fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Sela gan-an ló ń dààmú ènìyàn. Ó wà nígbà 71 nínú Sáàmù, àti nígbà 3 nínú Hábákúkù orí 3, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ Hébérù ò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan so ó mọ́ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "gbé sókè", bóyá kí a gbé ohùn tàbí ohun èlò orin sókè. Jẹ́róòmù, tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn láyé àtijọ́, túmọ̀ rẹ̀ ní tirẹ̀ sí "títí láé". Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé àmì orin ni. Ẹ wo ìparí Hábákúkù 3: olórí akọrin ni wọ́n fi í lé lọ́wọ́, pẹ̀lú ohun èlò olókùn. Ó dà bí mf àti cr, àwọn àmì tó ń sọ bí ohùn ṣe máa ròkè tó, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà nínú ìwé orin wa. Ta ló ń kọ wọ́n lórin?

Nínú Sáàmù 46, ẹsẹ 3, 7 àti 11 ni Sela wà, ó sì pín in sí apá mẹ́ta gédégbé. Ègbè kan náà, pé Olúwa àwọn ọmọ ogun wà pẹ̀lú wa, ló ṣáájú rẹ̀ ní ẹsẹ 7 àti 11. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń wí pé "ẹ dúró, ẹ ronú" ni Sela túmọ̀ sí ti ń rí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Sáàmù 67. Ní ẹsẹ 1, àárín gbólóhùn ni Sela bọ́ sí: wọ́n ní kí Ọlọ́run bù kún wa, ẹsẹ 2 ló wá sọ ìdí rẹ̀, kí a lè mọ ọ̀nà rẹ̀ ní ayé. Bí òǹkàwé bá dúró pẹ́ níbẹ̀, gbólóhùn náà á já.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún ń ka 46, kí òǹkàwé dánu dúró lẹ́yìn ẹsẹ 3 àti 7, kí ẹni tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù ta díẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ 67 ni, ẹ kà á wọ ẹsẹ 2 tààrà.