Èésú Tó Ń Sanra

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ètò owó tó ń ṣèlérí èrè tó dájú, gbólóhùn kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu ẹnì kan: "Wọ́n san tèmi." Kò purọ́. Aláàtì wọlé, ó sì ti ná owó náà. Ohun tí kò yé e ni pé sísan tí wọ́n san án kì í ṣe ẹ̀rí pé òwò kan wà níbì kan. Sísan yẹn gan-an ni òwò wọn.

Ẹ wo MMM tó gba ìgboro Nàìjíríà kan ní 2016. Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, ló dá a sílẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ ṣe nílùú wọn sì ti fọ́ láti 1994. 30% lóṣù ni wọ́n ń pè. Ẹni tó fẹ́ fowó sílẹ̀ yóò tẹ PH, ẹni tó fẹ́ gbà yóò tẹ GH, owó á sì kúrò ní àkáǹtì ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíì tààrà. Wọn ò tilẹ̀ fi pa mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn wá ní: "Ṣebí èésú náà ni." Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà.

Nínú èésú, bí èèyàn 10 bá ń dá 10,000 náírà lóṣù, kálukú yóò kó 100,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Ohun tó wọlé náà ló jáde. Alájọ tó ń gba owó lójoojúmọ́ tiẹ̀ máa ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún wàhálà ara rẹ̀, nítorí náà ohun tí ó máa kó fún ọ á dín díẹ̀ sí ohun tí o dá. Kò dùn létí, àmọ́ ìṣirò rẹ̀ pé.

Ká wá ní àwọn èèyàn 10 kan mú 100,000 wá lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣèlérí 30% fún wọn. Mílíọ̀nù kan wà nínú àpò. Oṣù parí, ẹnikẹ́ni ò tajà, ẹnikẹ́ni ò gbin ẹ̀gẹ́. Èèyàn méjì tó ń fura gba èrè wọn, 30,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́jọ tó kù ní kó ṣì wà níbẹ̀, kó máa bí sí i. Ojú fóònù wọn lápapọ̀ wá ń sọ 1,240,000. Àpò ń sọ 940,000. Ẹnikẹ́ni ò tíì jalè, síbẹ̀ 300,000 ti di owó tí kò sí níbì kankan.

Àwọn méjì tó gbowó ni wọ́n máa ń ká mi lára jù. 60,000 péré ni wọ́n ná ẹni tó ni ètò náà, wọ́n sì di akéde ọ̀fẹ́ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí, ní ọjà. Ká ní ó fẹ́ gbé ìpolówó sórí rédíò ni, ta ni yóò gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn tí wọ́n fa wọlé ló ń bo ihò oṣù kìíní, wọ́n sì tún ń la tiwọn. Bí 100,000 bá sùn fún oṣù 12 ní 30% lóṣù, tí èrè náà tún ń bí èrè, á ti lé ní 2,300,000. Kí ẹnì kan ṣoṣo tó rí ìyẹn kó, àfi kí nǹkan bí èèyàn 22 mú 100,000 tiwọn wá. Kí àwọn 22 yẹn náà tó kó tiwọn, ó di 484. Ìpele tó tẹ̀ lé e, ó lé ní 10,000. Ìlú kékeré á tán kí ọdún kẹta tó pé.

Nítorí náà, àmì tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò ni èrè tí kì í yẹ̀. Ọdún 2016 ni ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ń padà sẹ́yìn tí náírà sì ń já wálẹ̀, síbẹ̀ 30% yẹn dúró gbọin lóṣooṣù. Olókòwò kankan ò ní irú orí ire bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi ìwé CAC hàn, bẹ́ẹ̀ ìyẹn kò ju pé wọ́n forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Àṣẹ láti gba owó aráàlú láti fi dókòwò, ọwọ́ SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdókòwò, ló wà.

Bí àpò bá gbẹ, wọn kì í sọ pé ó gbẹ. Ní oṣù Kejìlá 2016, MMM sọ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun, ó sì ti gbogbo àkáǹtì pa fún oṣù kan, nígbà tí kálukú ń múra ọdún. Ní oṣù Kẹrin 2025, nígbà tí CBEX, ètò míì tó jọ ọ́, dá owó dúró, wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ gba owó rẹ̀ kọ́kọ́ san 100 dọ́là tàbí 200 fún àyẹ̀wò àkáǹtì. Àwọn kan sáré lọ yá a. Bẹ́ẹ̀, bí owó bá wà nínú àkáǹtì yẹn lóòótọ́, inú rẹ̀ náà ni wọn ì bá ti yọ owó àyẹ̀wò.