Ìlù ò dákẹ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ òdo: ibi tí sígínà àńnálítíìkì ti ṣẹ̀ wá

Sátidé kan báyìí a wà níbi ìsọmọlórúkọ ní Bódìjà, onílù wọlé pẹ̀lú ìyáàlù, àbúrò mi sì fi fóònù gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tá a délé ó ṣí i lórí láàpútọ́ọ̀pù, ó fẹ̀ ẹ́ títí ìlà yẹn fi ń lọ sókè sódò bí ejò, ló bá pè mí, ó ní "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wò ó, níbí yìí ó kan òdo, ṣé ìlù dákẹ́ níbẹ̀ ni?" Mo ní rárá o, ibi tó ń dún jù nìyẹn. Ó ní kí ló wá dé tó fi jẹ́ òdo? Mo fẹ́ dáhùn kíá, mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ò kéré, torí ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn ẹnjiníà rédíò fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ara wọn fà.

Ẹ wo ohun tó ṣòro níbẹ̀. Tí onílù bá ń fún ọsán ìyáàlù mọ́ra, ohùn á gòkè, tó bá sọ ọ́ sílẹ̀, ohùn á wálẹ̀, ìyẹn lọ́tọ̀. Bó ṣe fi kọ̀ǹgọ́ lù ú kíkan tàbí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìyẹn náà lọ́tọ̀. Ohun méjì ni etí wa ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan ṣoṣo ni fóònù ń kọ sílẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ká ní nọ́ńbà yẹn jẹ́ 0.5, ó lè jẹ́ pé ohùn tí agbára ẹ̀ tó 1 ló ti rìn dé ìdajì, ó sì lè jẹ́ ohùn tí agbára ẹ̀ jẹ́ 2 tó wà ní ìdá mẹ́rin, tàbí ohùn kékeré 0.5 tó ti dé góńgó. Gbogbo ẹ̀ ló bá 0.5 mu. Nọ́ńbà kan ò lè dáhùn ìbéèrè méjì, àfi ká wá ẹnì kejì fún un, ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí sì jẹ́ ìtàn bí wọ́n ṣe wá ẹnì kejì yẹn rí, tí àwọn méjèèjì fi di ohun tí wọ́n ń pè ní sígínà àńnálítíìkì.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe rédíò ò tiẹ̀ wá a. Ohun tí wọ́n ń pè ní káríà, èmi máa ń pè é ní aláàárù, torí iṣẹ́ tó ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń ru ẹrù ní Dùgbẹ̀: òun fúnra ẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ kankan, ó kàn ń sáré ni, ẹrù orí ẹ̀ ni ohùn tá a fẹ́ gbọ́. Bí ẹrù yẹn ṣe ń tóbi tó ń kéré ni wọ́n ń pè ní ẹnfilọ́ọ̀pù. Láti gbé ẹrù sílẹ̀, dáyọ́òdù kan, kapásítọ̀ kan àti résísítọ̀ kan ti tó, dáyọ́òdù á jẹ́ kí apá òkè nìkan kọjá, kapásítọ̀ á di góńgó kọ̀ọ̀kan mú títí òmíràn á fi dé, résísítọ̀ á sì máa jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ torí pé aláàárù yára ju ẹrù lọ fíìfíì. Tí kapásítọ̀ bá tóbi jù, kò ní lè tètè sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ẹrù bá sọ̀kalẹ̀, tó bá kéré jù, á máa gbọ̀n láàárín góńgó sí góńgó.

Ti fíríkúẹ́ńsì, ìyẹn iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní sẹ́kọ́ńdì kan, ló wá le jù. Ní 1937, Carson àti Fry ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé fíríkúẹ́ńsì ojú ẹsẹ̀ ni bí fésì, ìyẹn ibi tí ìgbì dé nínú àyíká ẹ̀, ṣe ń yára yí sí. Ó dára, ṣùgbọ́n fésì wo? Tó bá jẹ́ ìwọ lo ṣe sígínà náà, wàá mọ fésì ẹ̀ torí ìwọ lo kọ ọ́ sínú fọ́múlà. Ẹni tí wọ́n kàn gbé ohùn onílù fún ńkọ́?

Ẹni tó yanjú ẹ̀ ni Dennis Gabor, ọmọ Budapest, tó kúrò ní Jámánì ní 1933 nígbà tí Hitler gorí oyè, tó wá ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Rugby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. (Òun náà ló gba Nobel ní 1971 fún họ́lógíràmù, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ẹni kan náà ni.) Ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1946 bẹ̀rẹ̀ látinú ohun tó ń dun òun: ìṣirò Fourier, èyí tó ń tú ohùn sí fíríkúẹ́ńsì, sọ pé fíríkúẹ́ńsì kan máa ń dún láti ayérayé dé ayérayé láìyí padà, nígbà tó jẹ́ pé etí wa ń gbọ́ síréènì tó ń gòkè tó ń wálẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé irọ́ ni etí òun ń pa.

Ohun tó ṣe rọrùn débi pé ó lè bí èèyàn nínú. Tó o bá tú sígínà gidi sí fíríkúẹ́ńsì, apá méjì ló máa ń yọ, apá pọ́sítíìfù àti apá nẹ́gétíìfù, méjèèjì sì jẹ́ ìbejì, ohun tó wà nínú ọ̀kan náà ló wà nínú ìkejì. Gabor ní ká da apá nẹ́gétíìfù nù, ká sọ apá pọ́sítíìfù di ìlọ́po méjì, ká wá dá a padà. Ohun tó máa jáde jẹ́ nọ́ńbà kọ́ńpílẹ́ksì: apá kìíní ẹ̀ ni sígínà rẹ gan-an, kò yí padà, apá kejì ẹ̀ sì ni ẹnì kejì tá a ti ń wá.

Ẹnì kejì yìí kì í ṣe àjèjì. David Hilbert, onímásì ní Göttingen, ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ ní 1905, nínú ìṣòro másì kan tí Riemann fi sílẹ̀, kò ronú rédíò rárá, nígbà tó yá ni onímásì Gẹ̀ẹ́sì, G. H. Hardy, pe ìṣirò tó ń mú ẹnì kejì yìí jáde ní tíránsífọ́ọ̀mù Hilbert. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń ti sáìnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbì tó ní fíríkúẹ́ńsì kan ṣoṣo, sẹ́yìn ní ìdá mẹ́rin àyíká òun fúnra ẹ̀, láìfọwọ́ kan títóbi ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ "òun fúnra ẹ̀" yẹn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í: fún 100 háàtísì, ìyẹn ìgbà 100 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìdá mẹ́rin jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 2.5, fún 200 háàtísì, ó jẹ́ 1.25. Nítorí náà kì í ṣe pé o dá gbogbo ohùn dúró díẹ̀, kálukú ló ní ìwọ̀n tiẹ̀.

Bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún àbúrò mi rèé. Mo mú kọ̀ǹgọ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo ń yí i bí ọwọ́ aago, mo ní kó wo òjìji ẹ̀ lára ògiri. Òjìji gùn, ó kúrú, ó dòdo, ó tún gùn, ṣé kọ̀ǹgọ́ kúrú ni? Òjìji lásán ni fóònù rẹ gbà sílẹ̀. Hilbert fún wa ní òjìji kejì lára ògiri ẹ̀gbẹ́, tó o bá ti ní méjèèjì, o mọ gígùn kọ̀ǹgọ́, ìyẹn ẹnfilọ́ọ̀pù, o sì mọ bó ṣe ń yára yí, ìyẹn fíríkúẹ́ńsì ojú ẹsẹ̀ yẹn.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn gan-an, Jean Ville, ọmọ Faransé, ló kọ ọ́ sílẹ̀ kedere ní 1948 (ọdún tí yunifásítì tiwa ní Ìbàdàn níbí bẹ̀rẹ̀ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì). Ó pe nọ́ńbà Gabor ní sígínà àńnálítíìkì, ó sì ní fíríkúẹ́ńsì ojú ẹsẹ̀ ni yíyára fésì ti sígínà yìí, kì í ṣe ti òmíràn. Ìdáhùn sí ìbéèrè fésì wo nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Aláàárù 100 háàtísì, ẹrù ẹ̀ ń gòkè ń sọ̀kalẹ̀ ní ìgbà 5 ní sẹ́kọ́ńdì kan:

```python
import numpy as np
from scipy.signal import hilbert
fs = 2000
t = np.arange(0, 1, 1/fs)
x = (1 + 0.5*np.cos(2*np.pi*5*t)) * np.cos(2*np.pi*100*t)
z = hilbert(x)
env = np.abs(z)
fi = np.diff(np.unwrap(np.angle(z))) * fs / (2*np.pi)
```

`x` ni sígínà, `env` ni ẹnfilọ́ọ̀pù, `fi` sì ni fíríkúẹ́ńsì ojú ẹsẹ̀. Ní mílísẹ́kọ́ńdì 2.5, `x[5]` jẹ́ òdo, ìbéèrè àbúrò mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n `env[5]` jẹ́ 1.498. Ní ìdá mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì, ẹrù ti fúyẹ́ jù, `env[200]` jẹ́ 0.5. `fi` sì dúró sórí 100 látòkè délẹ̀, kò mì. Orúkọ `hilbert` nínú SciPy máa ń tan èèyàn jẹ o, sígínà àńnálítíìkì odidi ló ń dá padà, tíránsífọ́ọ̀mù Hilbert gan-an ni `z.imag`. Ó sì mọ́ tónítóní torí pé sẹ́kọ́ńdì 1 gba odidi àyíká, tó o bá gé e sí 0.937, etí sígínà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin á máa mì, torí kọ̀ǹpútà gbà pé òpin sígínà so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Gé etí yẹn dànù kó o tó ka nǹkan kan.

Kí ló dé tí èsì yẹn fi jẹ́ ẹrù gan-an tí kì í ṣe nǹkan míì? Edward Bedrosian ló fi hàn ní 1963: tí gbogbo fíríkúẹ́ńsì inú ẹrù bá kéré ju ti aláàárù lọ, tí wọn ò wọnú ara wọn, Hilbert á yí aláàárù nìkan, á fi ẹrù sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí wọ́n bá wọnú ara wọn, o ṣì máa rí nọ́ńbà kan gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó o kó sínú ẹ̀.

Mo wá ṣàṣìṣe tó yẹ kí n ti mọ̀, mo da ohùn ìyáàlù yẹn sínú `hilbert` bó ṣe wà. Fíríkúẹ́ńsì tó jáde ń fò bíi tata, ó tiẹ̀ di nẹ́gétíìfù nígbà míì. Ìlù kì í dún ní ohùn kan ṣoṣo, ohùn mélòó kan ló ń dún pa pọ̀, sígínà àńnálítíìkì sì ní kọ̀ǹgọ́ kan ṣoṣo tó ń yí. Ẹ fi ohùn méjì péré wò ó: 100 háàtísì tí agbára ẹ̀ jẹ́ 1 àti 110 tí agbára ẹ̀ jẹ́ 0.9. Nígbà tí wọ́n bá fa ara wọn sẹ́yìn, ẹnfilọ́ọ̀pù á sọ̀kalẹ̀ sí 0.1, fíríkúẹ́ńsì á sì jẹ́ (100 − 99) pín sí 0.1, ìyẹn 10 háàtísì! Kò sí 10 háàtísì níbì kankan nínú ohùn yẹn. Ìṣirò ò ṣàṣìṣe, ìwọ lo bi í ní ìbéèrè ẹnì kan níbi tí èèyàn méjì ń sọ̀rọ̀.

Bí ẹni ń sẹ́ ògì la ṣe é nígbà tó yá. A fi asẹ́, ìyẹn fílítà, sẹ́ ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nìkan, a wá gba `hilbert` kọjá, ìlà fíríkúẹ́ńsì wá ń gòkè ń wálẹ̀ bí onílù ṣe ń fún ọsán, ó kù díẹ̀ kéèyàn máa ka ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Àfi láàárín ìlù kan sí ìkejì, níbi tí ìlà yẹn tún ti ń ṣe wèrè. Àbúrò mi ní "Bọ̀ọ̀dá, níbí ńkọ́?" Mo ní kó wo `env` níbẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan. Ó wò ó, ó ní "Ah, ibí ló dákẹ́." A pa `fi` rẹ́ ní gbogbo ibi tí `env` ti kéré bẹ́ẹ̀, ó sì gbé láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀ lọ.